Ọ̀pá Tíṣà Ilésanmí

Ó ti rẹ Tíṣà Ilésanmí. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ̀ pé ó ti rẹ ọkùnrin yìí, kò ní mọ ohun tó ṣe é. Kì í ṣe àárẹ̀ tí èèyàn máa sùn kó tó lọ o. Èyí ti di ará ilé. Láàárọ̀, á máa kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní físíìsì ní Òṣòdì. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mafoluku, níbi tó ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ ṣe ìdánwò A-level. Bàálù á máa fò kọjá lórí páànù bí ẹni pé ó fẹ́ gbé òrùlé lọ. Tíṣà á dákẹ́, á gbé ṣọ́ọ̀kì sókè, á dúró títí ariwo á fi lọ, á wá bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ láti ibi tó ti dá a dúró. Wọn kì í rí i kó bínú. Ìbínú gan-an ń fẹ́ okun.

Ẹ sì rántí irú àsìkò tá à ń sọ. Owó epo ti dé, owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù ti dé, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ṣọ́ọ̀kì nù. Ọ̀kan ń kó sìmẹ́ǹtì, òmíràn ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n á ra mọ́tò, wọ́n á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Bọ́ládé, wọ́n á ní, "Ilésanmí, o ṣì wà níbẹ̀?" Á ní òun ṣì wà níbẹ̀. Kí ni kó tún sọ?

Ohun tó dá a dúró rèé, ẹ má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́: ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní A-level yìí, òun fúnra rẹ̀ kò tíì yege nínú físíìsì A-level rí. Ìwé ẹ̀rí olùkọ́ lásán ló gbé wá láti Ìkòlé Èkìtì. Ìyókù, ìwé ló fi kọ́ ara rẹ̀, lábẹ́ àtùpà. Yunifásítì ló fẹ́ wọ̀. Ó ti ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀mejì, kò bọ́ sí i. Ọdún yìí ló máa ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, nínú gbọ̀ngàn kan náà pẹ̀lú àwọn tó ń kọ́. Ẹ wo ìtìjú! Ṣùgbọ́n ó gbà bẹ́ẹ̀.

Adébímpé ìyàwó rẹ̀ náà gbà, pẹ̀lú àdéhùn kan.

"Bàbá Yínká," ló wí, "ẹ lọ ṣe é, mo fọwọ́ sí i. Àmọ́ tí kò bá bọ́ sí i lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sinmi. Ẹ̀gbọ́n mi ní àyè ṣì wà ní stóò wọn ní Ìsọlọ̀. Ẹ máa jókòó, ẹ máa ka páálí, owó á máa wọlé. Ó ti rẹ èmi náà."

Tíṣà kò bá a jà. Ó ní ó dáa, èyí ni ìkẹyìn.

Ní kíláàsì Mafoluku yẹn, iṣẹ́ kan wà tó fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ. Ó ní rúlà onígi kan tó ti dáhò sí ìdí rẹ̀, tó fi ìṣó kan dè mọ́ orí tábìlì, kó lè máa yí lórí ìṣó náà. Á gbé rúlà náà dúró ṣánṣán, á fi ìka kàn án fẹ́rẹ́, rúlà á bẹ̀rẹ̀ sí í dà, díẹ̀díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà kíákíá, gbàà! lórí tábìlì.

"Báwo ló ṣe ń yí kíákíá tó nígbà tó dé ìsàlẹ̀?" á bi wọ́n bẹ́ẹ̀. "Ẹ má há nǹkan kan sórí o. Ẹ wo àárín rẹ̀. Níbo ló ti bẹ̀rẹ̀, níbo ló parí sí? Bí àárín yẹn ṣe wálẹ̀ tó, ibẹ̀ ni agbára ti wá. Àárín rúlà wà ní ìdajì gígùn rẹ̀ lókè ìṣó, ó sì wálẹ̀ dé ibi tí ìṣó wà. Ìdajì gígùn ló wálẹ̀." Á wá kọ ọ́ sójú pátákó, títí tí òǹkà á fi parí sí rúùtù g, ìyẹn bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan, lọ́nà mẹ́ta, tí a fi gígùn ọ̀pá pín. √(3g/L). Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n débi pé ó lè fi ẹ̀yìn sí pátákó kọ ọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mísbáù, akọ̀wé ibi ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú, nawọ́. "Sà, tó bá jẹ́ àárín là ń wò tí ọ̀pá bá ń wálẹ̀, kí ló dé tá ò kúkú kó gbogbo ìwúwo rẹ̀ sí àárín nígbà tó bá ń sáré náà? Ṣebí á rọrùn."

"Á rọrùn, á sì burú," Tíṣà wí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó di rúlà náà mú. "Ṣé gbogbo ara rẹ̀ ló ń sáré bákan náà? Ìdí rẹ̀ wà lójú kan. Orí rẹ̀ ń sáré ní ìlọ́po méjì àárín. Ohun tó bá sáré ní ìlọ́po méjì, agbára tó ń jẹ á di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, ohun tí apá orí fi lé pọ̀ ju ohun tí apá ìdí fi dín lọ. Tó o bá kó gbogbo rẹ̀ sí àárín, wàá ní ìdámẹ́rin m L L, ìwúwo lọ́nà gígùn lọ́nà gígùn. Ìdámẹ́ta ló jẹ́ gan-an. O ti ka agbára tó ń jẹ kù díẹ̀, ìdáhùn ẹ á wá sáré ju bó ṣe yẹ lọ."

"Háà!" ni Mísbáù wí. Ṣubúọlá, tó ń ṣiṣẹ́ ṣíìfù níbi tí wọ́n ti ń rànwú ní Ìsọlọ̀, tí òwú kì í kúrò nínú irun rẹ̀, ti tẹrí ba sórí ìwé rẹ̀. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Inú Tíṣà dùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò ní purọ́. Irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìsọlọ̀ ni wọ́n ti ṣe é, lórí ọ̀nà tí àwọn lọ́rí ń gbà lọ sí ilé iṣẹ́. Oorun kò tó Tíṣà lójú. Yínká ọmọ rẹ̀ ní ibà mọ́jú, Tíṣà àti Adébímpé ló jọ ń fi omi nù ún lára. Ó jókòó sáàárín àwọn ọmọ tó lè bí, ó ṣí ìwé ìbéèrè.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ọ̀pá rẹ̀ ni! Ọ̀pá kan tó rí bákan náà jálẹ̀, gígùn rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà nínú ìdá mẹ́wàá mítà, wọ́n fi ìṣó de ìdí rẹ̀, ó dúró ṣánṣán, wọ́n tì í díẹ̀. Kí ni iyára yíyí rẹ̀ nígbà tó bá dé ìsàlẹ̀? Ẹ fi g ṣe mẹ́wàá. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń kọ ọ́ kí ojú rẹ̀ tó kà á tán. Rúùtù àádọ́ta. Méje àti díẹ̀. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó bọ́ sí òmíràn.

Ó tiẹ̀ parí ṣáájú àsìkò. Èèyàn tó gbọ́n á padà sẹ́yìn, á yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ohun tó ń sọ fún àwọn ọmọ nìyẹn lójoojúmọ́ ayé! Òun gbé orí lé ọwọ́, ó ní kóun sinmi ojú díẹ̀. Alábòójútó ló wá gbọ́n ọn léjìká pé àsìkò ti tó.

Níta, lábẹ́ igi máńgòrò, Ṣubúọlá sáré wá bá a. "Sà! Sà, ọ̀pá yín jáde!"

"Mo rí i," Tíṣà wí, ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀. "Kí lẹ rí?"

"Mẹ́wàá gédé, sà!"

"Èmi náà rí mẹ́wàá," ni Mísbáù tó tẹ̀lé e wí.

Tíṣà mi orí. Ìwà tíṣà dé. "Mẹ́wàá báwo? Ta ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀? G lọ́nà mẹ́ta ni, ẹ fi mẹ́fà nínú ìdá mẹ́wàá pín in, àádọ́ta. Rúùtù rẹ̀, méje àti díẹ̀."

Ṣubúọlá wò ó, ó rò pé eré ni. "Sà, ìyẹn ti orí tábìlì. Kò sí tábìlì níbẹ̀ o. Wọ́n ní ó dé ìsàlẹ̀, ó ń rọ̀ lábẹ́ ìṣó. Ẹ̀yin náà lẹ ní ká wo ibi tí àárín ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ó wà ní ìdajì lókè ìṣó, ó wá dé ìdajì nísàlẹ̀ ìṣó. Odindi gígùn ọ̀pá ló wálẹ̀. Mẹ́ta ti di mẹ́fà. Ọgọ́rùn-ún, sà. Rúùtù rẹ̀, mẹ́wàá."

Lọ́rí kan kọjá, ariwo rẹ̀ bo gbogbo ibẹ̀. Tíṣà kò gbọ́ ọ. Láti ọdún tó ti ń kọ́ni, tábìlì ló ń gba rúlà rẹ̀ dúró. Ó ti jẹ́ kí tábìlì di ìsàlẹ̀ ayé. Ó kà á, ojú rẹ̀ rí i, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró dè é.

"Àbí ẹ ń dán wa wò ni, sà?" Mísbáù bi í.

"Ẹ gbà á," ni Tíṣà wí. "Ẹ gbà á dáadáa."

Ni wọ́n bá ń fò. Ṣubúọlá kúnlẹ̀ níbẹ̀, nínú eruku, ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Ọlọ́run á bá wa san án fún yín." Tíṣà ní kó dìde, aṣọ rẹ̀ á dọ̀tí. Ó sì dùn mọ́ ọn nínú lóòótọ́. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn, ó ń dùn ún, ó sì tún ń dùn mọ́ ọn.

Kò wọ mọ́tò. Ó fẹsẹ̀ rìn láti Ìsọlọ̀ dé Mafoluku, bí ẹni tí wọ́n lé níbi iṣẹ́. Òòrùn ń wọ̀ nígbà tó dé ilé. Ibà Yínká ti lọ sílẹ̀, ó ń sùn. Adébímpé ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ. Kò gbé orí sókè.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Àwọn ọmọ mi gbà á, Ìyá Yínká. Ìbéèrè ọ̀pá yẹn jáde, wọ́n gbà á gédégédé."

"Mi ò béèrè tiwọn lọ́wọ́ yín."

Ó jókòó sórí àpótí. Ó sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀, ti ọ̀pá, ti tábìlì, ti oorun tó gbé e lọ nígbà tó yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ìbéèrè yòókù náà kò dá a lójú mọ́. Adébímpé gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ," Tíṣà wí, "tí àyè bá ṣì wà ní stóò yẹn, màá wá."

Ọ̀rọ̀ tí obìnrin yìí ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Ó la ẹnu láti sọ pé ó dáa, òun á lọ rí i lọ́la. Ẹkún ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.