Bí Ó Bá Dé Lọ́jọ́ Ajé

Ọmọ mi ni mo ń wẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Ọṣẹ ti kún orí rẹ̀, ó ń ké pé ojú ń ta òun, mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún bomi sí i lórí, mo sì ń fi ìka òsì tẹ fóònù tó wà lórí àpótí. Àǹtí ibi iṣẹ́ wa ló kọ̀wé sí mi lórí Wásáàpù. Mo yí i lọ sísàlẹ̀, mo yí i, mo yí i, n kò rí ìdí rẹ̀.

Àǹtí yìí ló ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn ní kílíníìkì kékeré tí a ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀kà. Òun ló mọ ẹni tó yẹ kó wá lónìí tí kò wá, ẹni tí dókítà ní kí a pè, fọ́ọ̀mù tó yẹ kó dé ìjọba ìbílẹ̀ àti ọjọ́ tó yẹ kó dé ibẹ̀. Èmi ń pe orúkọ, mo ń gbé àwọn ọmọ sórí ìwọ̀n, mo ń nu ilẹ̀ nígbà tó bá yẹ. Ọmọ Àǹtí fẹ́ bímọ ní Lọ́kọ́ja, ó sì gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti lọ wẹ ọmọ tuntun. Dókítà ní èmi ni kí n jókòó sórí àga rẹ̀. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí ìwé mẹ́wàá ni mo kà, n kò lọ síbì kan lẹ́yìn rẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwé náà nìyí: "Ìyàwó wa, o kú ìtọ́jú ọmọ. Ìdájí ọ̀la ni ọkọ̀ mi máa ṣí. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ló wà nínú èyí. Bí mo bá kọ ọ́ dáadáa, o kò ní nílò láti pè mí. Kà á dé ìsàlẹ̀."

Ẹyọ kìíní, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù: èyí tí wọ́n so òwú pupa mọ́ ni. Ẹyọ kejì, káàdì àwọn aláboyún: kí n ti fà wọ́n jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí ní àárọ̀ Ọjọ́rú wọn kì í ní sùúrù. Ẹyọ kẹta, ìròyìn oṣù: ó gbọ́dọ̀ dé ìjọba ìbílẹ̀ kó tó di ọjọ́ karùn-ún oṣù, ó ti kọ ọ́ dé ìdajì, ìyókù wà nínú ìwé ńlá aláwọ̀ ewé. Ẹyọ kẹrin, ọkùnrin tó ń gba ìròyìn àrùn fún ìjọba: ọjọ́ Ẹtì ló máa wá, fọ́ọ̀mù rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ó ku kí nọ́ọ̀sì buwọ́ lù ú.

Ibẹ̀ ni mo dé tí ọmọ fi ọṣẹ gbá mi lójú. Kí n má parọ́, inú ti ń bí mi díẹ̀ pẹ̀lú. Ọdún méjì ni mo ti ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí. Ṣé òwú pupa ni kí ó máa kọ́ mi? Mo dojú fóònù bolẹ̀, mo ní màá ka ìyókù tí ọmọ bá sùn. Ọmọ sùn, èmi náà sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo nǹkan ń lọ geere. Ó ti kọjá aago mọ́kànlá nígbà tí ìyá àgbà kan láti Epinmi wọlé pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ bí ọdún mẹ́fà, báńdéèjì wà ní ojúgun rẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n. Ajá ló bu ọmọ náà jẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gbé e wá. Nọ́ọ̀sì fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ títí, ó sì gún un ní abẹ́rẹ́ ajá àkọ́kọ́.

"Màmá, ẹ kú àárọ̀. Ọ̀la ni wọ́n kọ sí káàdì yín o."

"Ọ̀la kẹ̀? Òní ni."

"Ọ̀la ni, Màmá. Ẹ wò ó, wọ́n kọ ọ́ síbí."

"Èmi kì í wo ìwé. Nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ keje." Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi lójú, ó ń ká ìka. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ajá bù ú jẹ, ọ̀kan. Ọjọ́rú, méjì. Ọjọ́bọ̀, mẹ́ta. Ẹtì, mẹ́rin. Àbámẹ́ta, márùn-ún. Àìkú, mẹ́fà. Òní ńkọ́?"

Mo tún wo káàdì náà.

"Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé," ó ní, "ọjọ́ lásán, ẹ kò mọ̀ ọ́n kà."

Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo sì le ọ̀rọ̀ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní abẹ́rẹ́ kò sí nílẹ̀, kí wọ́n padà wá lọ́la. Ìyá àgbà wo ojúgun ọmọ. Ó ní, "Ojú ọgbẹ́ ti jiná. Mi ò lè máa wá lójoojúmọ́." Ó sọ nǹkan kan sí ọmọ ní èdè Epinmi tí n kò gbọ́, wọ́n dìde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn, ó padà sí Yorùbá kí n lè gbọ́ ọ. "Ìyá tó ń jókòó síbẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀ kì í ṣe báyìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo pe aláìsàn méjì sí i, mo wá mú fóònù, mo yí ìwé Àǹtí lọ sísàlẹ̀. Ẹyọ keje ni ojú mi bá.

"Ẹyọ keje, òun ló ṣe pàtàkì jù, má fojú fò ó. Ọmọ Epinmi tí ajá bù jẹ. Ajá náà ti kú, nítorí náà a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kankan yẹ̀. Bí àrùn dìgbòlugi bá fi lè dìde, kò sóògùn. Ó ti gba méjì, ó ku mẹ́ta: Ìṣẹ́gun yìí, Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, fo ọ̀kan, kí ó gba ti ìkẹyìn ní èyí tó tẹ̀lé e. Abẹ́rẹ́ kì í sùn ní fíríìjì wa nítorí iná. Ó wà ní kẹ́místì wa ní Ìkàrẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹyọ kan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ títí tuntun yóò fi dé. Ó ń fi pamọ́ fún wa títí di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Bí o kò bá pè, yóò fún ẹlòmíràn, kò sì jẹ̀bi.

"Bí ìyá àgbà bá dé lọ́jọ́ Ajé, má bínú. Ìwé ìṣègùn ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ láti òdo, òun ń bẹ̀rẹ̀ láti ení bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà. Àwọn méjèèjì kò ṣì í kà. Ọjọ́bọ̀ ló dé fún ti ọjọ́ Ẹtì, ilé mi ni wọ́n sùn. Má dá a padà. Bí ó bá fi ọwọ́ òfìfo padà sílé, kò ní wá mọ́, nítorí ojú ọgbẹ́ ti san, òun kò sì mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ ni àrùn náà wà. Kò ní fóònù. Bí o bá ti dá a padà kí o tó ka èyí, pe ìyá alákàrà tó wà níbi tí ọ̀kadà Epinmi ti ń gbé èrò. Nọ́ńbà tirẹ̀ ló tẹ̀lé e. Sọ pé èmi ni mo ní kí o pè é."

Bí o bá ti dá a padà kí o tó ka èyí. Mo jókòó, mo tún dìde. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù.

Mo kọ́kọ́ pe kẹ́místì. Ọkùnrin náà ní, "Ìwọ ni ìyàwó? Àǹtí rẹ ti ní wàá pè. Mo ti ń wo aago. Màá fi í pamọ́ dè ọ́ dọ̀la." Mo pe ìyá alákàrà. Fóònù dún títí ó fi kú. Mo tún pè. Ó gbé e, mo ń gbọ́ bí epo ṣe ń ta nínú agbada.

"Ìyá àgbà kan àti ọmọ tó so báńdéèjì mọ́ ẹsẹ̀, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá wọn dúró. Àǹtí ibi káàdì ló ní kí n pè yín."

"Ó ti gun ọ̀kadà. Dúró." Mo gbọ́ tí ó ń pariwo: "Ìwọ ọlọ́kadà, sọ ìyá yẹn kalẹ̀. Mo ní sọ ọ́ kalẹ̀, àbí àkàrà tí o jẹ lánàá ti tán nínú rẹ?" Ó padà sórí fóònù. "Mo ti mú un. Ó ń bú ẹ o, wá gbọ́ tìrẹ fúnra rẹ."

Mo sá lọ. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada epo, mo ní, "Màmá, ẹ kò ṣì í kà. Èmi ni mo ṣì í sọ." Ó ní, "Níbo la máa sùn?" Mo ní ilé mi.

Ọmọ Epinmi àti ọmọ mi sùn lórí ẹní kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé kúlà lọ sí Ìkàrẹ́. Àǹtí ti kọ ìyẹn náà: kí n mi ike yìnyín kọ̀ọ̀kan létí mi kí n tó kó wọn sínú kúlà, kí n gbọ́ kí omi máa gbọ̀n nínú rẹ̀ díẹ̀, kí ó má baà le jù kó sọ oògùn di yìnyín. Mo mì ín. Omi dún. Mo rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà bí wèrè. Obìnrin yìí ń di ẹrù ìrìn àjò, ọmọ rẹ̀ fẹ́ bímọ lọ́nà jíjìn, ó sì rántí ohun tí etí mi gbọ́dọ̀ gbọ́. Ó ti mọ̀ pé màá ṣì í ṣe, ó sì kọ ọ́ láìbú mi. Èmi tí mo ní ó ń kọ́ mi ní òwú pupa.

Nọ́ọ̀sì gún ọmọ náà ní apá. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Mo ṣí ìwé Àǹtí kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí ó ti kọ gbólóhùn tí màá sọ síbẹ̀: má pè é ní ọjọ́ kẹrìnlá, èdè wa nìyẹn.

"Màmá, ọjọ́ kẹjọ òní, bí ẹ bá ka òní mọ́ ọn."

Ìyá àgbà ká ìka rẹ̀, ó dé Ìṣẹ́gun, ó mi orí. "Hẹn. O ti ń mọ̀ ọ́n kà."

N kò pe Àǹtí. Mo kàn kọ sí i pé ẹyọ keje ti kúrò nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ló fèsì: obìnrin ni ọmọ tuntun, àti pé ṣé mo ti fa káàdì àwọn aláboyún jáde. Mo ti fà á.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, bí mo ṣe ń wẹ ọmọ mi, ó bi mí pé ìgbà wo ni ọ̀rẹ́ òun máa padà wá. Mo di ìkúùkù níwájú rẹ̀. Mo ní, "Òní nìyí, kò tíì ní ìka." Mo na ìka kan. "Ọ̀la." Mo ń nà wọ́n lọ. "Tó bá pé méje, ó dé."

Ó di ìka méje yẹn mú pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Ó ní, "Tó bá wá nígbà tó ṣì jẹ́ mẹ́fà ńkọ́?"

Mo ní, "A máa tẹ́ ẹní dè é."