Ọjọ́ Tí Wọ́n Kun Ọ̀rọ̀ Mi Ní Pupa

Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó tún di akẹ́kọ̀ọ́. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá, mo sì ń kàwé gboyè kejì ní ìrọ̀lẹ́ àti ní Sátidé. Orí eruku tí ń bo àwọn tó ń fọ́ òkúta ní Mpape ni mo kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi lé.

Ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ímeèlì olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà wọlé. Ọmọbìnrin ni, mo fi bí ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń pè mí ní Màmá. Lọ́jọ́ yẹn, kò pè mí bẹ́ẹ̀. Ó ní àbọ̀ tí kọ̀ǹpútà gbé jáde lórí iṣẹ́ mi fi hàn pé mo jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ, pàápàá ní orí kejì, àti pé ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa yóò rí mi ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní aago mẹ́wàá àárọ̀.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni kí n wá ẹni tó mọ ọ̀gá wọn, kí ó bá mi bẹ̀ wọ́n. Èkejì tún burú jù: pé kí n pa orí kejì yẹn rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà mi.

Nígbà tí mo délé ní Life Camp, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ṣé o jí i kọ ni?"

"Mi ò jí nǹkan kan!"

"Ìwé tí wọ́n sọ pé ó fi hàn yẹn, o ti rí i?"

"Rárá."

"Kí lo wá fẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀ lé lórí? Má pe ẹnikẹ́ni. Má pa nǹkan kan rẹ́ níbẹ̀. Kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí o rí ohun tí wọ́n rí."

Bí mo ṣe kọ̀wé nìyẹn, láìṣe àwíjàre kankan. Mo béèrè àbọ̀ náà lódindi, òfin tí wọ́n ní mo rú, àti bóyá mo lè mú ẹnì kan dání. Olùkọ́ náà fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ó ní mo lè mú ẹnì kan wá, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni n óò dáhùn.

Òṣìṣẹ́ láíbìrì kan wà ní yunifásítì náà, àgbàlagbà ará Èkìtì tó máa ń bá mi wá ìwé. Òun ni mo gbé àbọ̀ náà lọ bá. Ó ṣí i sójú kọ̀ǹpútà, ẹnu sì yà mí. Pupa nìyí, àwọ̀ ewé nìyí, aró nìyẹn. Wọ́n ti fi àwọ̀ kun ọ̀rọ̀ mi láti ojú ewé dé ojú ewé, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tí wọ́n ní mo ti mú un. N kò rí irú rẹ̀ rí. Ó dà bíi pé ẹnì kan jókòó tì mí ní gbogbo ìgbà tí mo ń kọ ọ́, tó ń wo ọwọ́ mi.

"Ìyá, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ yìí dẹ́rù bà yín," ni bàbá náà wí. "Kì í ṣe adájọ́. Ohun tó mọ̀ kò ju pé ọ̀rọ̀ bá ọ̀rọ̀ mu lọ. Kò mọ olè, kò mọ olóòótọ́. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ kà á."

A sì kà á, ní ìlà-ìlà. Aró jẹ́ orúkọ àwọn ìwé tí mo tò sẹ́yìn, àti àwọn àyọlò tí mo fi àmì sí; bàbá ní kò sí ẹ̀sùn níbẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tó pupa jù, mo bú sẹ́rìn-ín. Ìwé iléeṣẹ́ wa ni, ìròyìn kan nípa Mpape tí wọ́n gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Èmi ni mo kọ èyí! Èmi ni wọ́n rán lọ síbẹ̀!"

"Orúkọ yín wà níbẹ̀?"

Kò sí níbẹ̀. Orúkọ iléeṣẹ́ ló wà níbẹ̀.

"Ó ti di tiwọn nìyẹn. Bó tilẹ̀ jẹ́ ọwọ́ yín ló kọ ọ́, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ẹ ti mú un."

Ẹ̀rín mi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a kan àwọ̀ ewé: ìpínrọ̀ méjì tí ọ̀mọ̀wé kan kọ, tó wà nínú iṣẹ́ mi bó ṣe wà gan-an, láìsí àmì, láìsí orúkọ rẹ̀.

"Èyí ńkọ́?"

Mo rántí. Mo dà á kọ sínú àkọsílẹ̀ mi pé n óò padà wá sórí rẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, mo ti rò pé tèmi ni.

"Mo dà á kọ, sà."

"Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Ẹ má fi kún un."

Mo kọ ìdáhùn mi sójú ewé kan, ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èsì tirẹ̀. Mo wá ìwé àkọsílẹ̀ tí mo mú lọ sí Mpape jáde, tí eruku òkúta ṣì wà láàárín ojú ewé rẹ̀. Mo tẹ àwọn ẹ̀dà ìṣáájú iṣẹ́ mi jáde, tòun ti ọjọ́ tí mo kọ wọ́n. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ fún mi ní lẹ́tà pé èmi ni mo kọ ìròyìn náà.

Ènìyàn mẹ́ta ló jókòó ní Ọjọ́bọ̀ náà: olùkọ́ mi, olórí ẹ̀ka, àti àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti ẹ̀ka mìíràn. Ọkọ mi jókòó sẹ́yìn mi. Olórí ẹ̀ka ka ẹ̀sùn náà, ó ní kí n fèsì. Mo ṣàlàyé ti pupa. Nígbà tí mo dé orí àwọ̀ ewé, mo fi ìka tọ́ka sí ìpínrọ̀ méjì náà.

"Èyí, mo dà á kọ. N kò mọ̀ọ́mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bi mi ni."

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà gbé ẹ̀dà iṣẹ́ mi sórí tábìlì. Háà! Ó ti fi pẹ́ńsù sàmì sí gbogbo ojú ewé, àní ibi tí ẹ̀rọ kò kùn rárá. Ó ti kà á tán, ọ̀rọ̀ kan kò ṣẹ́ kù. Ọkọ mi pàápàá kò ka iṣẹ́ náà parí rí. Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi, ó fara balẹ̀ wò ó.

"Obìnrin tí ẹ kọ níbí pé ó máa ń bu omi sórí òkúta kó tó fọ́ ọ, kí ló dé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ó ní ọmọ òun ń wúkọ́, sà. Ó ní tí òkúta bá tutù, eruku kì í fi bẹ́ẹ̀ gbéra."

Ó mi orí. Ó bi mí ní ìbéèrè tó pọ̀ sí i, mo sì ń dáhùn títí mo fi gbàgbé pé ẹjọ́ ni mo wá jẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́tà dé. Wọ́n ní kò jọ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n àṣìṣe náà kì í ṣe kékeré. Kí n tún orí kejì kọ, kí n lọ kọ́ bí a ṣe ń tọ́ka sí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Lẹ́tà ìkìlọ̀ yóò wà nínú fáìlì mi, n kò sì ní bá àwọn ẹgbẹ́ mi gboyè lọ́dún náà. Ó dùn mí. Mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ mi, mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó sáré dì mí mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Ẹ ò mọ bó ṣe rí lára mi kí n tó lè fi ímeèlì yẹn ránṣẹ́ sí yín."

Ìpínrọ̀ méjì ti ọ̀mọ̀wé yẹn ni mo kọ́kọ́ mú nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ àtúnkọ. Mo rò pé wákàtí kan ni. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà mí kí n tó lè sọ ọ́ lẹ́nu ara mi, nítorí pé, láti ọjọ́ tí mo ti dà á kọ, n kò tíì lóye rẹ̀ rí.