Orí Mẹ́rìnlá Lára Ògiri

Búrẹ́mọ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àtẹ náà. Ó lẹ páálí funfun mọ́ ògiri yàrá ìgbàlejò rẹ̀ ní Godomey, ó fi rúlà pín in sí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré ló kù kí ọmọ rẹ̀, Ràhámátù, jókòó ṣe bákì, ìdánwò àṣejáde ilé ìwé girama. Orí mẹ́rìnlá ló wà nínú ìwé físíìsì. Orí méjì lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ méje, orí mẹ́rìnlá. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, kí ọmọ sinmi. Ìṣirò náà ṣe rẹ́gí, kò ku ẹyọ kan.

Òkìrìkà ni Búrẹ́mọ̀ ń tà ní Missèbo. Ní ọjà ibẹ̀, bí wọ́n bá ti tú báálì aṣọ kan, tí wọ́n yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n kó o sórí àtẹ, wọn a fa igi pupa sórí nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé, ó tán nìyẹn. Kò sẹ́ni tí í padà tú báálì tó ti tú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ló ṣe físíìsì. Lálaalẹ́, bí wọ́n bá jẹun tán, á mú báírò pupa, á dúró níwájú ògiri.

“Ràhámá, orí kejì ńkọ́?”

“Mo ti kà á tán, Bàbá.”

Á fa igi.

Irọ́ kọ́ ló ń pa. Ó kà á lóòótọ́. Ó dà á kọ sínú ìwé, ó fi oríṣiríṣi àwọ̀ falà sábẹ́ rẹ̀. Bí ìwé bá yanjú ìṣirò kan, á tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n orí kejì yẹn, èyí tó sọ̀rọ̀ nípa bí agbára ṣe ń mú nǹkan rìn, kò fi ibì kan wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó dé orí kẹta, lórí ohun tí a sọ sókè, ìlà àkọ́kọ́ nínú gbogbo ìdáhùn ni pé kí ó lo òfin inú orí kejì. Ó fo ìlà náà. Ó tún bá a pàdé ní orí kẹrin, níbi tí wọ́n ti ń sọ ti àwọn sàtẹ́láìtì tó ń yí ayé po. Ó tún fò ó. Ní orí karùn-ún àti ìkẹfà, kò wulẹ̀ wò ó mọ́.

Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun padà. Níbo ni yóò padà gbà? Kò sí àyè kankan lórí páálí tí wọ́n kọ “padà” sí. Ọjọ́ tó bá fi padà sí orí kejì, orí keje ni yóò jẹ ẹ́ níyà, orí kẹjọ ń bọ̀ lẹ́yìn. Páálí ń sáré, òun náà ń sáré, ilẹ̀ sì ń há mọ́ ọn. Ìyá Ìbùkún, aládùúgbò wọn, yóò yà wá tọrọ iyọ̀, á wo ògiri, á rẹ́rìn-ín.

“Bàbá Ràhámátù, ọmọ yín ti jẹ ẹran ara físíìsì tán o. Egungun ló kù.”

Búrẹ́mọ̀ á yan bí ẹni tó rí ẹrù rere. Ràhámátù á bojú wolẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ilé ìwé ṣe ìdánwò ìdánrawò. Odindi ọjọ́ márùn-ún ni ó gbà, kò sì sí nínú ìṣirò Búrẹ́mọ̀. Orí méjì ṣubú sẹ́yìn. Kò dà á láàmú. Ó kọ orí mẹ́rin sínú ọ̀sẹ̀ karùn-ún.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ karùn-ún náà ni Mùsíyè Hippolyte, olùkọ́ físíìsì wọn, dá ìwé ìdánwò padà. Máàkì mẹ́fà nínú ogún. Nígbà tí kíláàsì tú, ó ní kí Ràhámátù dúró, ó gbé òfìfo ìwé kan síwájú rẹ̀.

“Pa ìwé dé. Àpótí kan ń yọ̀ bọ̀ lórí pákó tó dagẹ̀rẹ́ ní dígírì ọgbọ̀n. Kò sí ohun tó ń fà á sẹ́yìn. Eré rẹ̀ ń fi mélòó pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan? Mú g ní mẹ́wàá.”

Ó kọ, ó pa á rẹ́, ó tún kọ. “Mẹ́wàá, sà.”

“Bí àpótí yẹn bá já láti orí òrùlé ńkọ́?”

“Mẹ́wàá náà ni.”

“Kí wá ni pákó ń ṣe níbẹ̀? Ó wá wòran ni?”

Ràhámátù rẹ́rìn-ín, omi sì gba ojú rẹ̀. Ó fi fọ́tò páálí hàn án lórí fóònù. Hippolyte wò ó títí.

“Igi pupa yìí ńkọ́?”

“Ó túmọ̀ sí pé a ti parí ẹ̀.”

“Ojú ẹ ló parí ẹ̀. Ọwọ́ ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀.”

Ó fi ìbéèrè kan kan dán an wò nínú orí mẹ́fà tó ti kà. Ẹyọ orí kan ló dá ṣe: orí kìn-ín-ní. “Má bẹ̀rù iye tó kù,” ni olùkọ́ wí. “Orí kejì ló gbé ìkẹta dé ìkẹfà dání. Fi ọjọ́ mẹ́ta tú u dáadáa, mẹ́rin yẹn á yá. Ti sípíríǹgì àti ti iná tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín kọ́ìlì àti kàpásítọ̀, ìṣirò kan náà ni wọ́n. Kà wọ́n pọ̀. Èyí tí o bá ṣe lónìí, pa ìwé dé kí o tún un ṣe lọ́jọ́ kẹta, kí o tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, mú ìbéèrè bákì àtijọ́, gbé aago síwájú, má dìde títí àkókò á fi pé. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, má fọwọ́ kan ohun tuntun.”

Sátidé. Sátidé ni Ràhámátù ń bá bàbá rẹ̀ ya aṣọ sọ́tọ̀ ní Missèbo.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Búrẹ́mọ̀ mú báírò, ó lọ sí ògiri.

“Orí keje.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á.” Ó gbé ìwé ìdánwò lé tábìlì. “Nínú mẹ́fà tí ẹ ti fà, ẹyọ kan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe.”

Búrẹ́mọ̀ ka máàkì, ó ka igi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. “Ta ló ń sọ fún mi lálaalẹ́ pé òun ti parí ẹ̀?”

“Èmi ni. Mo kà á tán, Bàbá. N kò mọ̀ ọ́n ṣe ni.”

“Báálì tí a ti tú, a kì í padà tú u.”

“Aṣọ nìyẹn, Bàbá. Aṣọ kì í padà sínú báálì. Ohun tí mo kà ń sá padà sínú ìwé.”

Búrẹ́mọ̀ jókòó. Ó ní kí ó sọ gbogbo ohun tí olùkọ́ wí, ó sì ń fi ìka kà á: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, orí mẹ́tàlá, ọ̀sẹ̀ ìsinmi ti lọ. Nígbà tó dé Sátidé, ìka rẹ̀ dúró.

“Sátidé mélòó?”

“Mẹ́ta.”

“Ọjọ́ tí ọjà ń kún jù. Ta ni yóò máa bá mi ya aṣọ?”

Ràhámátù rò ó sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì. Bí ó bá ní òun yóò wá, bákì lọ. Bí ó bá ní òun kò wá, bàbá rẹ̀ nìkan ni yóò dúró ti òkìtì aṣọ. Búrẹ́mọ̀ wo ọmọ rẹ̀, ó já páálí lára ògiri, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta.

“Wá fa ìlà tìẹ. Má kọ Missèbo sí i.”

Sátidé àkọ́kọ́ dé. Búrẹ́mọ̀ nìkan ló gun ọ̀kadà zẹ́mìjàn lọ sọ́jà láàárọ̀. Ràhámátù ti ilẹ̀kùn mọ́ra, aago níwájú, ìbéèrè ọdún kan níwájú. Ìbéèrè kejì dè é mọ́lẹ̀. Ó fi í sílẹ̀, ó bọ́ sí ìkẹta. Kò dìde títí aago fi dún. Ní ìrọ̀lẹ́, Hippolyte ka fọ́tò ìdáhùn rẹ̀ lórí fóònù, ó dá èsì padà.

Búrẹ́mọ̀ wọlé, eruku aṣọ funfun lórí ìpéǹpéjú rẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro ó, ó fọwọ́ dì í mú.

“Mélòó?”

“Mẹ́sàn-án.”

“Mélòó ni wọ́n fi ń yege?”

“Mẹ́wàá.”

Ó bọ́ bàtà, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. “Sátidé méjì ló kù,” ó wí. “Lọ jẹun, kí o tún ìbéèrè kejì yẹn ṣe.”