Máàkì Márùn-ún Tó Sọnù

Màmá Máàkì ni àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń pè é, wọn ò sì purọ́ mọ́ ọn. Ọdún méjìlélógún ló ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Bí ọmọ bá gba mọ́kàndínláàádọ́ta, kò jẹ́ fi ẹyọ kan ta á lọ́rẹ kó pé àádọ́ta. "Máàkì kì í ṣe sàárà," ló máa ń wí, á sì ti ìwé máàkì rẹ̀ mọ́ abíyá.

Inú ìwé yẹn ni àyànmọ́ kíláàsì kejì wà. Tẹ́ẹ̀sì táàmù, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ogójì, Màmá Máàkì máa ń sọ ọ́ di ọgọ́ta. Purójẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ àádọ́ta, ó máa ń sọ ọ́ di ọgbọ̀n. Wíwá sílé ìwé ló ni mẹ́wàá tó kù. Ọmọ tí àpapọ̀ rẹ̀ kò bá tó àádọ́ta, á tún kíláàsì kà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn táàmù, baba ọmọ kan, káfíńtà, wọlé sí yàrá àwọn olùkọ́. Ìyẹ̀fun pákó ṣì wà léjìká rẹ̀, lẹ́tà tó ní kí ọmọ rẹ̀ tún kíláàsì kà, tí máàkì rẹ̀ wà nínú rẹ̀, sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ ma. Mi ò wá jà o. Ọmọ mi gba ogún nínú ogójì, ẹ sọ ọ́ di ọgbọ̀n, mo gbà. Ó gba ogún nínú àádọ́ta ní purójẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ ọ́ di méjìlá, mo tún gbà. Àmọ́ márùn-ún nínú mẹ́wàá fún wíwá sílé ìwé? Ọmọ tí èmi fúnra mi ń gbé wá láràárọ̀? Ọjọ́ wo ni ò wá, ma?"

"Rẹ́jísítà kì í ṣe ojúsàájú, Bàbá," ni Màmá Máàkì fi dá a lóhùn. Ó ní kí Àgbà lọ gbé e wá.

Àgbà ni ọmọbìnrin tó ga jù ní kíláàsì. Ó ń tún kíláàsì kà ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Màmá Máàkì náà ti bá wọn rẹ́rìn-ín sí orúkọ yẹn rí. Nítorí pé kì í pẹ́ dé, òun ló ń gbé rẹ́jísítà kiri.

Màmá Máàkì ka àmì ọmọ káfíńtà: ọgọ́ta. Wàyí o, ó wo ìsàlẹ̀ ìwé, níbi tó kọ iye ìgbà tí wọ́n ṣí rẹ́jísítà sí: ọgọ́fà. Ọgọ́ta nínú ọgọ́fà, ìdajì nìyẹn, ìdajì mẹ́wàá sì ni márùn-ún. Ó ti fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sórí ìlà ọ̀sán. Ọgọ́ta mìíràn wà níbẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, àárọ̀ nìkan ni wọ́n ń pe orúkọ. Nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ lẹ́yìn ìsinmi, ọ̀gá ilé ìwé ní kí wọ́n máa pè é lọ́sàn-án pẹ̀lú. Màmá Máàkì ń kọ àpapọ̀ tuntun, àmọ́ ìlà àárọ̀ nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn lára láti máa kà. Kò sí ọmọ kan tó gbà ju márùn-ún lọ, òun sì ń bú wọn pé ẹsẹ̀ wọn ò dúró sílé ìwé! Olùkọ́ ìṣirò, ẹ gbọ́ ná.

"Bàbá, àṣìṣe mi ni. Méjìléláàádọ́ta lọmọ yín gbà. Ó kọjá." Káfíńtà dúpẹ́ títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀.

Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọdún tó kọjá ni àṣẹ ọ̀sán yẹn bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù wá ń bà á láti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fa ìwé máàkì àti rẹ́jísítà ọdún tó kọjá yọ, orúkọ kan ṣoṣo ló sì wá. Àgbà: mẹ́rìndínláàádọ́ta. Wíwá sílé ìwé: márùn-ún. Kò pa ọjọ́ kan jẹ, láàárọ̀ tàbí lọ́sàn-án. Mọ́kànléláàádọ́ta ló yẹ kó jẹ́.

Ó kó ìwé ọdún méjèèjì lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá wò wọ́n, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

"Ti ọdún yìí, ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe kí wọ́n tó pín èsì. Ti èṣí, ta ló bi yín léèrè? Ọdún méjì péré ló kù kí ẹ fẹ̀yìn tì. Ẹ má fọwọ́ ara yín ṣe ara yín, ma."

Màmá Máàkì jáde. Ó ń rò ó pé bí òun bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àgbà sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró de rẹ́jísítà. Nígbà tó rí ìwé máàkì ọdún tó kọjá lọ́wọ́ olùkọ́, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ jọ̀ọ́ ma," ohùn rẹ̀ kò ròkè, "ṣé mo tún ti féèlì ni?"

Màmá Máàkì ṣí ìwé náà, ó fi ìka sí orúkọ ọmọ náà.

"O ò féèlì," ó wí. "O ò féèlì rí."