Ọwọ́ Fẹ̀yìntọlá Kún

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀lẹ ni Fẹ̀yìntọlá. Èmi Àrínọlá tí mo ń tọ́jú sítọ̀ níbi iṣẹ́ wa lẹ́yìn Mọ́níyà, mo mọ aago tó ń dé, mo mọ aago tó ń lọ. Ọwọ́ mi ló ti ń gba òṣùwọ̀n àti tépù láàárọ̀, ọwọ́ mi náà ló sì ń dá wọn padà sí nírọ̀lẹ́, tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní alágídí, mo máa ń dá wọn lẹ́kun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń dán irúgbìn ẹ̀gẹ́ wò ni ibi iṣẹ́ wa. Ọmọ Lálúpọn ni Fẹ̀yìntọlá. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ fún ọdún méjì, ó sì wọlé sọ́dọ̀ wa nígbà tí kò tíì lọ́kọ. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún rọrùn láti sọ, ó nira láti ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, lọ́jọ́ kan náà, yóò lọ sínú oko tí a gbin ẹ̀gẹ́ tuntun sí, yóò wọn gíga igi kọ̀ọ̀kan, yóò wo ewé bóyá àrùn ti ń ká a jọ, yóò sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Tí ó bá fo ọjọ́ kan péré, ìwé yẹn ti ní ihò nínú, àwọn tó ń náwó sí iṣẹ́ náà kò sì ní í gbà á. Òjò ń rọ̀ o, oyún wà níkùn o, Fẹ̀yìntọlá kì í fo ọjọ́.

Oko kan péré, ti Mọ́níyà níbí, ló ń mójú tó tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1991, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró káàkiri, wọ́n mú mẹ́ta nínú wa. Gbọ́njúbọ́lá tó ń mójú tó oko Olódò lọ, wọ́n gbé Olódò lé Fẹ̀yìntọlá lórí. Ẹni tó ń ṣe ti Lálúpọn náà lọ, wọ́n ní ṣebí ìlú rẹ̀ ni, kó máa ṣe é lọ. Wọn ò fi kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀. Ó rù ú, ó gbẹ, ó sì dúdú.

Ọláníran ni ẹnìkejì rẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sì fi bí ọdún mẹ́rin ju Fẹ̀yìntọlá lọ. Tirẹ̀ ni kó máa kó igi ẹ̀gẹ́ lọ fún àwọn àgbẹ̀ lọ́nà Ìjàyè, ibẹ̀ ló sì ti rí ohun tó gbà á lọ́kàn. Àwọn bàbá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní iṣu àtijọ́ tí ẹlòmíràn kò gbìn mọ́. Bàbá Mùnírù ní èyí tí wọ́n ń pè ní Adékẹ́yìn. Ó máa ń pẹ́ kó tó ta, inú rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó sì máa ń wà nínú àká títí iṣu gbogbo ayé á fi tán. Iná ọyẹ́ ti jó àká bàbá lọ́dún náà. Iṣu èébù mọ́kànlá péré ló kù nínú Adékẹ́yìn.

Ọláníran sọ fún bàbá pé àwa lè gé iṣu kan sí wẹ́wẹ́, ká fi eérú pa á lára, ká sì rí ògúnlọ́gọ̀ irúgbìn mú jáde lára rẹ̀. Òótọ́ ni, a ti ń ṣe é. Bàbá kó mọ́kànlá náà fún un láìṣẹ́ku. Àwọn bàbá mẹ́fà mìíràn fún un ní tiwọn pẹ̀lú. Ìgbà tó gbé wọn dé ẹ̀yìn sítọ̀ mi tán ló tó wá bá Fẹ̀yìntọlá. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń bá a jà nínú ọkàn mi. Ta ló ń ṣèlérí iṣẹ́ kó tó bi ẹni tó máa ṣe é?

Ojú fèrèsé sítọ̀ ni wọ́n dúró sí, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Fẹ̀yìn, mo fẹ́ kó o bá mi dá sí nǹkan kan," ni Ọláníran wí. "Èmi máa gbìn ín. Ìwọ lo máa bá mi ṣọ́ ọ, kó o kọ ti bàbá kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kó o máa bomi rin ín títí tó fi máa ta. Mo ti sọ fún Bàbá Mùnírù pé mo ní ẹnìkan tí kì í fo ọjọ́."

Fẹ̀yìntọlá tẹ́ ìwé rẹ̀ sójú fèrèsé. "Ẹ wò ó, Bùrọ̀dá. Ọjọ́ Ajé, ibí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, Olódò. Ọjọ́bọ̀, Lálúpọn. Ọjọ́ Ẹtì ni mo ń da gbogbo rẹ̀ kọ fún Dókítà. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún ń wa èyí tó ti gbó, mo ń wọ̀n ọ́n. Níbo ni kí n fi tiyín sí?"

"Wákàtí kan péré ni láàárọ̀."

"Wákàtí kan lójoojúmọ́ ni, mi ò sì sí níbí lójoojúmọ́. Mi ò lè ṣe é, Bùrọ̀dá. Tí mo bá ní mo gbà, irọ́ ni mo pa fún yín, iṣu yẹn ló sì máa jìyà ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín lónìí kẹ́ ẹ lè tètè wá ẹlòmíì. Tó bá di oṣù kẹjọ, a ó ti kúrò ní Olódò, ọwọ́ mi á dilẹ̀. Tàbí kẹ́ ẹ bá Dókítà sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá gba oko kan lọ́wọ́ mi, ọ̀la ni mo máa bẹ̀rẹ̀."

Ọláníran ní iṣu ò lè dúró doṣù kẹjọ. Òótọ́ ni. Ó lọ bá Dókítà Ajíbádé, ọ̀gá wa. Dókítà ní ìyẹn kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n fún wa lówó ṣe, kó lo ilẹ̀ ẹ̀yìn sítọ̀ tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oko Fẹ̀yìntọlá.

Ni Ọláníran bá rán Bàbá Rufus sí Fẹ̀yìntọlá. Bàbá Rufus ni olórí àwọn lébìrà wa, ọdún kan ló kù kó fẹ̀yìn tì. Ó ṣí fìlà, ó ní, "Fẹ̀yìntọlá, ọmọ mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀." Ẹ̀yin náà mọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Àgbàlagbà ti ṣí fìlà, èèyàn á ní "mo ti gbọ́, sà," ọ̀rọ̀ tán. Tí kò bá wù ọ́ ṣe, o ó máa sá fún ẹni tó bẹ̀ ọ́ títí yóò fi sú u. Báyìí ni gbogbo wa ṣe ń kọ iṣẹ́ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bínú sí wa.

Fẹ̀yìntọlá kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ dákun, ẹ má bínú, sà. Tí mo bá ní mo ti gbọ́, Bùrọ̀dá Ọláníran á gbọ́kàn lé mi, mi ò sì ní lè ṣe é. Mi ò lè ṣe é, sà."

Bàbá Rufus dé fìlà rẹ̀ padà, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, bí Fẹ̀yìntọlá bá kí Bàbá Rufus káàárọ̀, á dáhùn bí ẹni tí eyín ń ro. Mo rí Fẹ̀yìntọlá tó ń sunkún lẹ́yìn ọkọ̀ ní ọjọ́ kan. Nígbà tó rí mi, ó nu ojú, ó ní kí n fún òun ní tépù.

Ọláníran dá iṣu náà gbìn ní Sátidé méjì. Oṣù karùn-ún ti dé nígbà náà, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ti ń rà. Ó fi báírò kọ orúkọ bàbá kọ̀ọ̀kan sára páálí, ó kàn án mọ́ igi. Òjò kan péré ló fọ gbogbo orúkọ náà nù. Nígbà tó bá lọ sọ́nà Ìjàyè, ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kó tó padà wá wo ibẹ̀. Oòrùn mú un, ikán jẹ ẹ́. Ojú tì í láti lọ sọ fún àwọn bàbá nígbà tí nǹkan ṣì ṣeé tún ṣe. Ó ń retí pé bóyá èyí tó kù ló máa jẹ́ ti Bàbá Mùnírù.

Ní oṣù kọkànlá, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń náwó sí ẹ̀gẹ́ wa. Wọ́n ní àwọn kò ṣe é mọ́. Wọ́n ní ká kó ìwé jọ síbì kan. Ìwé Olódò, ti Lálúpọn, ti Mọ́níyà, kò sí ihò kankan nínú wọn, mo kó wọn sórí pákó ní sítọ̀, kò sì sẹ́ni tó bèèrè wọn títí dòní. Fẹ̀yìntọlá wò wọ́n, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. 

Ìparí oṣù kejìlá ni wọ́n wa iṣu. Kò ju ọgọ́ta lọ, wẹ́wẹ́ bí ọwọ́ ọmọdé. Ọláníran fi ọkọ̀ gbé Bàbá Mùnírù wá. Bàbá jókòó sórí àpótí níwájú sítọ̀, ó ń fi èékánná họ ara iṣu kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e súnmọ́ ojú. Gbogbo wa dúró yí i ká. Ó họ èyí tó kẹ́yìn, ó gbé e sílẹ̀.

"Kò sí níbẹ̀," ó wí. "Bàbá mi ló fún mi. Kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíì ní Ìjàyè."

Ọláníran dọ̀bálẹ̀. Bàbá bi í pé, "Ẹni tó o ní kì í fo ọjọ́ yẹn ńkọ́?"

Fẹ̀yìntọlá kò jẹ́ kó dáhùn. Ó kúnlẹ̀. "Èmi ni, Bàbá. Wọ́n bẹ̀ mí, mo kọ̀. Ọwọ́ mi kún."

"Ó kún lóòótọ́?"

"Ó kún, Bàbá."

"Tó bá kún, ó kún," ni Bàbá Mùnírù wí. "O sọ ọ́ síta. Dìde, ọmọ mi." Ó wá gbójú sókè, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀yin tó kù ńkọ́? Ọwọ́ gbogbo yín náà ló kún?"

Ẹ̀yìn sítọ̀ mi ni iṣu yẹn wà. Láti aago mẹ́wàá títí di aago méjì lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tí í wá gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀wé kọ. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí, èmi náà kò sì yọjú. Ojú bàbá kan mi.

Mo ní, "Ọwọ́ tèmi náà kún, Bàbá."