Ohùn Ọkọ Mi Láàrin Orin

Ọdún tí òjò wó ògiri wa ní Mafoluku ni fóònù mi kún, tí kò ya fọ́tò mọ́. Obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ní Ṣógúnlé yẹ̀ ẹ́ wò.

"Màmá, gbogbo orin tẹ́ ẹ gbọ́ lẹ dáúnlóòdù! Ẹ jẹ́ n pa wọ́n rẹ́."

Ara fu mí. Ohùn tí olóògbé ọkọ mi fi ránṣẹ́ sí mi kó tó kú wà nínú fóònù náà. "Ṣé o ò ní pa ọkọ mi lẹ́ẹ̀kejì?"

"Inú ápù orin nìkan ni mo wà, Màmá."

Mi ò gbójú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nu àjẹkù orin tí ápù ń tọ́jú pamọ́ lẹ́yìn tí mo bá gbọ́ orin tán, ó wá yọ àwọn tí mo dáúnlóòdù. Mo ní kó tẹ ohùn náà. Ọkọ mi ń bú mi pé mo pẹ́ ní ọjà Aswani.

Mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé ẹni tó bá fẹ́ pa nǹkan rẹ́ nínú fóònù mi, kó kọ́kọ́ jẹ́ kí n gbọ́ bàbá wọn, kí n sì tún gbọ́ ọ tó bá ṣe tán.