Eyín Iwájú Ìyá Ọkọ Tí N Kò Rí Fẹ́

N kò ní fi "wọn" pe obìnrin yìí nínú ohun tí mò ń kọ. Mo ti fi pè é tó nígbà tí mo fẹ́ di ìyàwó ilé rẹ̀, àpọ́nlé náà kò sì ṣe mí láǹfààní kankan.

Ayé ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni, tí ìwé gbogbo ń lọ sí Àkúrẹ́ kó tó padà dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé ìwòsàn kan nítòsí Àrámọkọ ni mo ti ń tọ́jú eyín. N kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n mo lọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni láti fọ eyín, láti dí i àti láti yọ ọ́, iṣẹ́ náà sì yé mi. Ọmọkùnrin obìnrin yìí, tíṣà ní Ìkòrò, ló ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Ọjọ́ tí àwọn ẹbí rẹ̀ wá sílé wa fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ìyá rẹ̀ béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún un. Ó yọ ṣùtì ètè.

"Ọwọ́ tó ń wọ ẹnu ẹlẹ́nu kiri kò ní gún iyán mi nínú ulé mi."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó sọ kọ́bọ̀ nù. Bàbá mi ní kí wọ́n máa gbé ẹrù wọn, kí wọ́n máa lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fà á lé mi lọ́wọ́. N kò gbàdúrà kí ó kú o. Mo fẹ́ kí ó wà láàyè, kí ó sì mọ̀ ọ́n lára.

Ọ̀nà tí Ọlọ́run gbà dáhùn ni ẹ̀kùrọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, obìnrin náà wọlé sí ilé ìwòsàn wa, ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. Ó ti fi eyín pa ẹ̀kùrọ́, eyín iwájú sì ti kán sí méjì. Sátidé ni ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ tíṣà yẹn pẹ̀lú ọmọbìnrin Ìdó-Ilé kan, òun ni ìyá ọkọ ìyàwó, òun ni gbogbo onífọ́tò yóò máa yà. Kò sí ibòmíràn nítòsí tí wọ́n ti lè ṣe é kí ọjọ́ náà tó pé. Ó mọ̀ pé èmi ni yóò bá níbẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi."

Ó fi "ẹ" pè mí! Mo ní kí ó jókòó sórí àga.

Ẹ̀bá fèrèsé ni mo ti kọ́kọ́ yan àwọ̀ rẹ́síìnì, ike rírọ̀ tó ń le bí eyín, tí mo fẹ́ fi dí i, nígbà tí eyín rẹ̀ ṣì tutù, nítorí eyín tó bá ti gbẹ a máa funfun ju bó ṣe jẹ́ lọ, á sì tan èèyàn jẹ. Mo fún un lábẹ́rẹ́. Mo lọ etí ibi tó kán díẹ̀ kí rẹ́síìnì lè rí ibi dì mú. Lẹ́yìn náà ni mo mú rọ́bà pẹlẹbẹ kan, mo lu ihò sí i, mo fà á wọ eyín iwájú rẹ̀ kí wọ́n lè yọ láti inú àwọn ihò náà, mo fi irin há a mọ́ eyín ẹ̀gbẹ́, mo sì fi okùn dè é mọ́ ọrùn eyín. Iṣẹ́ rọ́bà yìí ni pé kí itọ́ àti èémí má dé ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní àǹfààní mìíràn: ẹni tí wọ́n bá fi sí lẹ́nu kò lè sọ̀rọ̀.

Mo fi oògùn funfun kan bo àárín eyín tó ṣí sílẹ̀, kí ásíìdì má baà kàn án. Mo wá fi ásíìdì pa etí rẹ̀ kí ara rẹ̀ lè gba àtè, mo dúró díẹ̀, mo fi omi ṣàn án dáadáa, mo fi afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́. Eyín náà funfun bí ẹfun, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ìgbà náà ni mo rí i pé okùn ti tú níbì kan, tí itọ́ sì ń yọ́ gba abẹ́ rọ́bà bọ̀.

Mo dúró, mo ń wò ó. Bí itọ́ bá kan ibi tí ásíìdì ti là yẹn, rẹ́síìnì kò ní mú ibẹ̀ dáadáa mọ́. Bí mo bá fi bọ́ǹdì, àtè tó ń mú rẹ́síìnì lẹ̀ mọ́ eyín, lé e bẹ́ẹ̀, yóò dán, yóò lẹ̀ lónìí, yóò lẹ̀ lọ́la, àmọ́ tí ó bá gé ẹran lọ́jọ́ Sátidé, yóò já sínú àwo níwájú àwọn àna. Ta ni yóò mọ̀? Ọkàn mi fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ gan-an ni.

Ṣùgbọ́n mo rò ó síwájú. Bí eyín náà bá já, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ṣẹ nìyẹn. Yóò ní, "Ẹ ẹ̀ rí i? Mo sọ fún yín nípa ọmọ yẹn." Èmi ni yóò fi iṣẹ́ mi dá a láre! Ó tì o. Mo tún okùn dè, mo tún fi ásíìdì pa á, mo tún fọ̀ ọ́, mo tún gbẹ ẹ́ títí ó fi padà funfun.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ bọ́ǹdì sí i, mo fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ kó fẹ́lẹ́, mo tan iná búlúù tó ń mú un le sí i. Mo yí iná ńlá orí àga kúrò, nítorí òun náà lè mú rẹ́síìnì le kó tó yẹ. Mo fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan ya eyín náà sọ́tọ̀ lára èkejì rẹ̀, mo wá ń kó rẹ́síìnì lé e díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá kó o nípọn lẹ́ẹ̀kan, iná kò ní dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan, mo tan iná sí i, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì sọ̀rọ̀.

"Màmá, ọwọ́ tí ẹ ní kò ní gún iyán yín ló wà lẹ́nu yín yìí."

Ìpele kejì. "Bàbá mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn."

Ìpele kẹta. "Ẹ má mi orí o, Màmá, ẹ ó ba eyín yín jẹ́."

Omi ń ṣàn lójú rẹ̀ sórí rọ́bà. N kò nù ún.

Mo tú rọ́bà. Mo fún un ní pépà aláwọ̀ kó fi eyín tẹ̀ ẹ́ kí ibi tó ga lè hàn, mo lọ ọ́ kúrò, mo dán gbogbo rẹ̀. Mo gbé dígí fún un. Bí mi ò bá mọ èyí tó kán, èmi gan-an kì bá mọ̀ ọ́n mọ́. Ó lanu láti sọ nǹkan, mo ṣáájú rẹ̀.

"Ẹ kú ìmúra ìyàwó, Màmá. Nígbà tí ẹ bá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Sátidé, iṣẹ́ mi ni gbogbo ayé yóò máa wò."

Ó jáde láìdágbére.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó náà, onífọ́tò tó ya wọ́n lẹ fọ́tò ńlá kan mọ́ pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo dúró wò ó. Ọkọ ń rẹ́rìn-ín, ìyàwó ń rẹ́rìn-ín, àna yọ eyín síta, ọmọ kékeré tó mú òdòdó dání náà yọ tirẹ̀. Ìyá ọkọ nìkan ló pa ẹnu dé pinpin. Inú mi dùn, mo rẹ́rìn-ín lójú títì. Àfìgbà tí mo délé tán ni mo tó rántí pé eyín tí mo ṣe dára jù lọ láyé mi nìyẹn, kò sì sí ẹni kan tó rí i.